Bí a ṣe ń tọ "Ibid" lẹ́sẹ̀ dé orísun rẹ̀ nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé orí kejì pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá bá mi ní Gwagwalada, pé kí n bá òun wo àtòjọ ìwé ìtọ́kasí òun kí òun tó gbé e fún alábòójútó òun. Mo kà á láti A títí mo fi dé I, ibẹ̀ ni mo ti rí i tó kọ "Ibid (2004)". Mo bi í pé ta ni ń jẹ́ Ibid. Ó ní, "Àǹtí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ̀wé òfin ni. Orúkọ rẹ̀ pọ̀ nínú ìwé tí mo kà, bóyá ni ojú-ìwé kan wà tí ẹ ò ní í rí i." Ó ti béèrè ìwé Ibid lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ láíbìrì. Ó ti tẹ̀ ẹ́ sórí Google. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wá ẹni tí kò sí.

Òun kọ́ lẹni àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn mọ̀ pé Ibid kì í ṣe ènìyàn, wọ́n sì mọ̀ pé ó ní kí àwọn wo ìlà tó wà lókè. Ṣùgbọ́n tí ìlà tó wà lókè bá tún jẹ́ Ibid, tí èyí tó wà lókè ìyẹn náà tún jẹ́ Ibid, wọ́n á já a jù sílẹ̀, wọ́n á sì méfò. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín níbí ni bí ẹni tó ń kàwé yóò ṣe gbéra láti orí Ibid kan, tí yóò fi dé ojú-ìwé tàbí abala gan-an tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn, àti bí yóò ṣe mọ̀ tí ọ̀nà náà bá ti já.

Ẹ jẹ́ ká ti ìtumọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà. Ibid ni wọ́n gé kúrò lára ọ̀rọ̀ Látìn kan, ibidem, tó túmọ̀ sí "ní ibì kan náà". Ó rọrùn fún àwa Yorùbá láti há a sórí, torí pé "ibi" ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní Látìn, ibi túmọ̀ sí "níbẹ̀". Èdè méjèèjì kò bá ara wọn tan, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, àmọ́ kòńgẹ́ náà wúlò. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá rí Ibid, ẹ kà á sí "ibì kan náà", kí ẹ wá bi ara yín pé: ibì kan náà pẹ̀lú èwo? Ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà. Ibì kan náà pẹ̀lú àlàyé tó ṣáájú rẹ̀ tààrà ni. Ìlà kan péré ni Ibid máa ń nawọ́ sí. Kò mọ ohun tó wà lókè ìlà yẹn.

Kò sí ìyàtọ̀ bóyá wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ tàbí kékeré, bóyá àmì ìdánudúró wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí kò sí, bóyá lẹ́tà rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí ó nàró. Gbogbo rẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ nílò orí ìwé náà lódindi, láti ojú-ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí torí pé fọ́tòkọpì ojú-ìwé kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe láti fi ṣọ́ owó ná, nígbà tó sì jẹ́ pé orúkọ tí Ibid ń tọ́ka sí lè wà ní ojú-ìwé tí wọn kò ṣe. Ẹ nílò pẹ́ńsù àti abala bébà kan. Tí ó bá ṣeé ṣe, ẹ wá ìwé tàbí òfin tí wọ́n tọ́ka sí náà sítòsí, torí ìgbésẹ̀ kẹrin kò ṣeé ṣe láìsí i.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni èyí. Ọ̀rọ̀ lórí ta ló ni ilẹ̀ Abuja ni, mo sì to ó bí mo ṣe máa ń rí i nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Àlàyé mẹ́rìnlá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé 41, ìyókù wà ní ojú-ìwé 42.

14. Òfin Ìpìlẹ̀ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà 1999, abala 297(2).
15. Ibid.
16. Ibid, abala 298.
17. Òfin Agbègbè Olú-Ìlú Àpapọ̀, Orí F6, Àkójọ Òfin Àpapọ̀ Nàìjíríà 2004, abala 1(3).
18. Ibid, abala 299.
19. Òfin Ìlò Ilẹ̀ 1978, abala 28. Òfin Ìpìlẹ̀ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà 1999, abala 44.
20. Ibid.

Nínú ìwé tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, lẹ́tà `s` kékeré ló máa ń dúró fún abala òfin, `p` tàbí `pp` fún ojú-ìwé. Ibi tí 2004 inú "Ibid (2004)" ti wá kò ṣòro láti rí mọ́: ó wo àlàyé kan tó dà bíi 17, ó mú ọdún rẹ̀, ó sì so ó mọ́ Ibid tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ọdún tí Ọ̀gbẹ́ni Ibid tẹ ìwé rẹ̀ jáde nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́kọ́ ka gbólóhùn tó gbé nọ́ńbà náà

Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé rárá, ẹ padà sí inú ọ̀rọ̀ gan-an níbi tí nọ́ńbà kékeré náà wà. Ẹ ka gbólóhùn tó parí sí orí nọ́ńbà yẹn, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ yín kọ ohun tó ń sọ sórí bébà. Fún àpẹẹrẹ wa, mo kọ ọ́ báyìí:

Gbólóhùn 14: ìjọba orílẹ̀-èdè ló ni ilẹ̀ Abuja. Gbólóhùn 15: gbogbo ilẹ̀ ni, òfin kò yọ ìkankan sílẹ̀. Gbólóhùn 16: Abuja ni olú-ìlú, ibẹ̀ sì ni ìjókòó ìjọba. Gbólóhùn 17: òfin tó ti wà láti 1976 ti sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà lórí ilẹ̀. Gbólóhùn 18: a ó máa lo Òfin Ìpìlẹ̀ ní Abuja bí ẹni pé ìpínlẹ̀ kan ni. Gbólóhùn 19: ìjọba lè gba ilẹ̀ padà nítorí àǹfààní gbogbo ìlú. Gbólóhùn 20: wọ́n gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú láìfi falẹ̀.

Ó lè dà bí ìgbà tí a ń fi àkókò ṣòfò, ṣùgbọ́n gbólóhùn yìí ni adájọ́ yín lẹ́yìn ọ̀la. Tí ẹ bá tọ Ibid dé ibì kan, tí ohun tí ẹ bá níbẹ̀ kò sì gbe gbólóhùn yìí, ẹ ti ṣìnà nìyẹn, tàbí kó jẹ́ òǹkọ̀wé ló ṣìnà. Ẹni tí kò ka gbólóhùn náà kò ní í mọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: tí ẹ bá pa ìwé náà dé, ṣé ẹ lè sọ ẹ̀rí ohun tí òǹkọ̀wé ń wá ní nọ́ńbà yẹn? Tí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ tún un kà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gòkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi kan orúkọ

Ẹ mú Ibid tó wà ní 16. Ẹ gun òkè sí 15. Ibid ni òun náà, kò ì tíì tó láti dúró. Ẹ gun òkè sí 14. Níbẹ̀ ni orúkọ wà: Òfin Ìpìlẹ̀ 1999. Orúkọ yìí ni mo máa ń pè ní orí okùn. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ọfà kékeré láti 16 lọ sí 15, àti láti 15 lọ sí 14. Àwọn tí ojú wọn ti là sí i lè má fa ọfà mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fà á, torí pé níbi tí Ibid bá ti tó mẹ́fà tàbí méje tẹ̀ léra, ojú máa ń fo ìlà.

Ibi mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà níbí.

Èkíní ni yíyí ojú-ìwé. Àlàyé 16 ni àkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé 42. Ẹni tó bá ń wo ojú-ìwé 42 nìkan kò ní í rí nǹkan kan lókè rẹ̀, ó sì máa ń ṣe é bíi kó wo ìlà tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn 17, torí pé òun ló ní orúkọ. Ibid kì í wo ìsàlẹ̀ láé. Ẹ ṣí ojú-ìwé padà sẹ́yìn, kí ẹ wo àlàyé tó kẹ́yìn ní ojú-ìwé 41.

Èkejì kan àwọn ìwé tí wọ́n kó gbogbo àlàyé wọn sí ìparí. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, orí kọ̀ọ̀kan sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ láti 1, nítorí náà ìwé kan lè ní àlàyé 16 mẹ́fà. Kí ẹ tó tọ okùn, ẹ wo àkọlé orí tó wà lókè àwọn àlàyé náà, kí ẹ rí i pé orí tí ẹ ń kà ni. Tí ẹ bá sì rí Ibid gẹ́gẹ́ bí àlàyé kìíní nínú orí kan, ẹ fura. Kò yẹ kí Ibid gba orí kan kọjá sí òmíràn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni fóònù. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé orí ẹ̀rọ, tí ẹ bá fi ọwọ́ kan nọ́ńbà náà, àlàyé yẹn nìkan ni yóò yọ lójú ẹ̀rọ, ẹ kò sì ní í rí àwọn tó wà lókè rẹ̀. Ẹ pa á dé, ẹ padà sínú ọ̀rọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kan nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa ṣe títí ẹ ó fi rí orúkọ. Tó bá jẹ́ PDF ni, ẹ kàn yí i sókè. Ẹ má ṣe tẹ "Ibid" sínú àpótí ìwákiri, torí gbogbo Ibid inú ìwé ni yóò kó fún yín, kò sì ní í sọ èyí tó ni èwo.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ibi tí ẹ dúró sí gbọ́dọ̀ ní orúkọ òǹkọ̀wé, tàbí orúkọ òfin, tàbí orúkọ ẹjọ́. Gbogbo nọ́ńbà tó wà láàárín ibi tí ẹ ti gbéra àti ibi tí ẹ dúró sí gbọ́dọ̀ pé láìfo ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ sọ̀ kalẹ̀ padà, kí ẹ máa wo ohun tó wà lẹ́yìn kọ́mà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró ní orí okùn, wọ́n á ní àwọn ti dé. Ìdajì ọ̀nà ni wọ́n dé. Orí okùn sọ ìwé tó jẹ́ fún yín, kò tíì sọ ibi tó wà nínú ìwé náà. Láti mọ ìyẹn, ẹ ní láti sọ̀ kalẹ̀ láti orí okùn, kí ẹ gbé ìwé náà àti abala rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń bọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 14: Òfin Ìpìlẹ̀, abala 297(2). Ẹ sọ̀ sí 15, ó ní Ibid, ó sì dákẹ́. Ibid tó dákẹ́ ń sọ pé kò sí ohun tó yí padà rárá: ìwé náà ni, ojú-ìwé tàbí abala náà sì ni. Nítorí náà 15 ṣì jẹ́ Òfin Ìpìlẹ̀, abala 297(2). Ẹ sọ̀ sí 16, ó ní Ibid, kọ́mà, abala 298. Ìwé náà ni, ṣùgbọ́n abala ti yí. Ẹ fa ìlà lé 297(2) lórí bébà yín, kí ẹ kọ 298.

Ibi tó yẹ ká fara balẹ̀ sí jù nìyí. Ká ní ẹlòmíràn tún wà lẹ́yìn 16 tó jẹ́ Ibid lásán, abala wo ni ì bá jẹ́? Mo ti bi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló dáhùn pé 297(2), torí pé wọ́n ti fo lọ sí orí okùn, wọ́n sì ti mú abala tó wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 298 ni, torí Ibid ń wo ìlà kan péré lókè rẹ̀, ìlà yẹn sì ti gba abala tuntun. Orúkọ ìwé lè wá láti òkè réré, ṣùgbọ́n ojú-ìwé àti abala, ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù ni wọ́n ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí gígòkè nìkan kò fi tó.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìwé ìtàn tàbí ìwé ẹ̀kọ́ tó ń lo ojú-ìwé. Tí wọ́n bá kọ ojú-ìwé 60, kí Ibid 75 tẹ̀ lé e, kí Ibid lásán tún tẹ̀ lé ìyẹn, ojú-ìwé 75 ni ti ìkẹyìn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lórí bébà yín, Ibid kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti di orúkọ ìwé kan àti abala kan. Tí ọ̀kan bá ṣì wà tí ẹ kọ orúkọ fún láìsí abala, ẹ kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣí òfin náà, kí ẹ wò ó bóyá okùn náà ti já

Ẹ wo 18. Ó ní Ibid, abala 299. Ẹ gun òkè lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ti kan orúkọ ní 17: Òfin Agbègbè Olú-Ìlú Àpapọ̀. Bí a bá tẹ̀ lé òfin Ibid bó ṣe wà, abala 299 nínú òfin yẹn ni òǹkọ̀wé ń tọ́ka sí.

Ẹ wá ṣí òfin náà. Òfin kékeré ni, abala rẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún rárá. Níbo ni 299 yóò ti wá?

Ẹ mú gbólóhùn 18 tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kìíní: a ó máa lo Òfin Ìpìlẹ̀ ní Abuja bí ẹni pé ìpínlẹ̀ kan ni. Ẹ ṣí Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 sí abala 299, ohun tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Okùn 18 kò so mọ́ 17. Òfin Ìpìlẹ̀ ló so mọ́, bíi ti 16.

Kí ló fà á? Nígbà tí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ kọ orí yìí, 17 kò sí níbẹ̀. Àlàyé 18 wà lẹ́yìn 16 tààrà, Ibid rẹ̀ sì tọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ó rántí òfin 1976, bóyá alábòójútó rẹ̀ ló ní kó fi kún un, ó sì ki gbólóhùn kan bọ àárín. Kọ̀ǹpútà tún gbogbo nọ́ńbà tò fún un lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí Ibid túmọ̀ sí, kò bá a tún ìyẹn ṣe. Ibid tó ń wo Òfin Ìpìlẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń wo àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Àpẹẹrẹ yìí ṣeé mú torí pé nọ́ńbà rẹ̀ pariwo. Èyí tó léwu ni èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò pariwo. Abala 297(2) nínú Òfin Ìpìlẹ̀ àti abala 1(3) nínú Òfin Agbègbè Olú-Ìlú Àpapọ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí ohun kan náà, pé ìjọba orílẹ̀-èdè ló ni ilẹ̀ Abuja. Ká ní Ibid kan tó já wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹ lè ṣí èyí tí kì í ṣe òun, kí ẹ ka ohun tó jọ ọ́, kí ẹ sì gbà pé ẹ ti dé. Ní irú ibẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Òfin Agbègbè Olú-Ìlú Àpapọ̀ fi kún un pé ilẹ̀ náà kò sí lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti gé e mọ́, abala 297(2) kò sì sọ ìyẹn. Tí gbólóhùn òǹkọ̀wé bá mẹ́nu kan àwọn ìpínlẹ̀ yẹn, ẹ ti mọ ibi tó ti mú un.

Tó bá jẹ́ ìwé lásán ni, kì í ṣe òfin, ohun mẹ́ta ló máa ń jẹ́ kí n fura: nọ́ńbà ojú-ìwé tó ju iye ojú-ìwé tí ìwé náà ní lọ; nọ́ńbà ojú-ìwé tó bọ́ síta ààyè tí àpilẹ̀kọ kan wà nínú jọ́nà; àti gbólóhùn tó dárúkọ òǹkọ̀wé kan nígbà tí okùn ń mú yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ti fi ojú ara yín rí abala tàbí ojú-ìwé náà, ohun tó wà níbẹ̀ sì gbe gbólóhùn tí ẹ kọ sílẹ̀. Tí ẹ kò bá rí òfin náà ṣí, ẹ kọ "n kò tíì rí i" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ ti rí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Tí àlàyé tó ṣáájú bá ní orúkọ méjì

Ẹ wo 20. Ibid lásán ni. Ẹ gun òkè sí 19, òfin méjì ló wà níbẹ̀: Òfin Ìlò Ilẹ̀, abala 28, àti Òfin Ìpìlẹ̀, abala 44. Èwo nínú wọn ni "ibì kan náà"?

Òǹkọ̀wé ló ṣe é tì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìlànà sọ nípa Ibid ni pé kí wọ́n má lò ó rárá tí àlàyé tó ṣáájú bá ní ju orísun kan lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ti wà níwájú yín báyìí, ẹ gbọ́dọ̀ kà á. Àwọn kan máa ń mú èyí tó kẹ́yìn torí òun ló sún mọ́ ọn. Nínú àpẹẹrẹ yìí, wọ́n á gba ibi tó tọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìlànà tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí, lọ́jọ́ mìíràn ó lè jẹ́ ti àkọ́kọ́ tàbí ti méjèèjì.

Ẹ padà sọ́dọ̀ adájọ́. Gbólóhùn 20: wọ́n gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú láìfi falẹ̀. Ẹ ṣí Òfin Ìlò Ilẹ̀ sí abala 28. Gbígba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ padà nítorí àǹfààní gbogbo ìlú ni abala yẹn dá lé, abala 29 tó tẹ̀ lé e ló ń sọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú. Ẹ wá ṣí Òfin Ìpìlẹ̀ sí abala 44. Níbẹ̀, ní 44(1)(a), wọ́n sọ ọ́ gbangba pé sísan owó náà gbọ́dọ̀ yá. "Láìfi falẹ̀" inú gbólóhùn náà, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ kọ Òfin Ìpìlẹ̀, abala 44(1)(a), kí ẹ sì fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti rántí pé ẹ̀yin lẹ yàn án, kì í ṣe òǹkọ̀wé ló sọ ọ́.

Ó tún lè ṣẹlẹ̀ pé kí àlàyé tó ṣáájú jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, bíi "A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí ní orí kẹrin", láìsí orúkọ ìwé kankan. Ibid tó wà lábẹ́ irú rẹ̀ kò ní ibi tí yóò nawọ́ sí. Ẹ gun òkè kọjá rẹ̀ lọ sí àlàyé tó ní orísun, ṣùgbọ́n ẹ kà á sí okùn tó ti já, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ṣe fún 18.

Àwọn tó jọ Ibid tí kì í ṣe Ibid

`Id.` inú ìwé òfin àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú Ibid, ẹ tọ ọ́ bẹ́ẹ̀. `Op. cit.` yàtọ̀. Orúkọ òǹkọ̀wé máa ń ṣáájú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "nínú iṣẹ́ tí a ti dárúkọ". Kò fi dandan jẹ́ ìlà tó wà lókè rẹ̀. Ẹ ní láti máa gòkè títí ẹ ó fi bá orúkọ òǹkọ̀wé yẹn, ó sì lè jìnnà tó ogún ojú-ìwé. Tí ẹ bá rí `(n 14)` lẹ́yìn orúkọ kan, inú mi máa ń dùn sí ìyẹn, torí òǹkọ̀wé ti sọ fún yín tààrà pé kí ẹ lọ sí àlàyé 14. Ìlànà ìtọ́kasí OSCOLA, tí àwọn olùkọ́ òfin ní Ọ́sífọ́ọ̀dù gbé kalẹ̀, lo èyí pẹ̀lú Ibid nínú ìtẹ̀jáde kẹrin rẹ̀, kò sì fàyè gba `op. cit.` Ìwé ìlànà Ṣikágò, nínú ìtẹ̀jáde kẹtàdínlógún tó jáde ní 2017, sọ pé orúkọ kúkúrú sàn ju Ibid lọ. Nínú àwọn ìwé tuntun tó tẹ̀ lé e, ẹ lè má rí Ibid kankan. Èmi fara mọ́ ọn. Ká ní òǹkọ̀wé wa ti kọ "Òfin Ìpìlẹ̀, abala 299" ní 18, àlàyé tí wọ́n kì bọ àárín kò ní í lè bà á jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé tiyín láìlo Ibid

Nígbà tí ẹ bá ń kọ àkọsílẹ̀ ara yín, ẹ kọ orísun náà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kódà bó jẹ́ ìgbà mẹ́wàá. Ibid tí ẹ bá dà kọ láti inú ìwé ẹlòmíràn sínú tiyín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìlà tó wà lókè nínú ìwé tiyín, ó sì ti di irọ́ lójú ẹsẹ̀. Bákan náà, Ibid kì í wọ àtòjọ ìwé ìtọ́kasí láé, torí pé níbẹ̀ álífábẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń to orúkọ, kò sí pé èyí ṣáájú tàbí èyí tẹ̀ lé e.

Àkọsílẹ̀ fún àpẹẹrẹ wa yóò rí báyìí: 15, Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, abala 297(2). 16, Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, abala 298. 18, Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, abala 299, okùn rẹ̀ já nínú ìwé tí mo kà. 20, Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, abala 44(1)(a), pẹ̀lú àmì ìbéèrè.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé bébà náà fún ẹnì kan tí kò rí ìwé tí ẹ kà, kí ẹ ní kó bá yín ṣí ìlà kan ṣoṣo nínú òfin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá bá mi gbé tirẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ṣì wà ní girama, pẹ̀lú ẹ̀dà Òfin Ìpìlẹ̀ kan. Ọmọ náà ṣí abala 299 láìbi í ní ìbéèrè kankan. "Ibid (2004)" ti kúrò nínú àtòjọ rẹ̀ nígbà náà, òfin méjì ló rọ́pò rẹ̀.